Àròpín iye owó ìrà ọjà

Àròpín iye owó ìrà ọjà ni iye owó tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ọjà kan náà ná ẹni tí ó rà á, nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó rà á, tí iye tí ó rà á nígbà kọ̀ọ̀kan kò sì dọ́gba. Ẹyọ náà lè jẹ́ kílò kan, àpò kan, kóńgò kan tàbí páálí kan. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé kí a ro gbogbo owó tí a san pọ̀, kí a sì pín in sí iye ẹyọ tí a rà lápapọ̀. Orúkọ náà, àròpín, sọ ohun tí a ń ṣe: a rò ó pọ̀, a sì pín in. Owó tí ó jáde àti ọjà tí ó wọlé ni a ń rò pọ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n dá lé ẹyọ kan lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì yìí sọ́tọ̀ lè máa tà ní àdánù nígbà tí ó rò pé òun ń jèrè.

## Ọjà kajú ní Kàbà

Kàbà ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà-Bùnú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ní ilẹ̀ àwọn Yorùbá Okun. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ní ìlú náà àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká. Wọ́n ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, wọ́n sì ń gbin kòkó, kọfí àti kajú fún títà. Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kajú ti ń jáde jù ní Nàìjíríà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kajú máa ń so, ìkórè rẹ̀ sì sábà máa ń bọ́ sí àárín oṣù Kejì àti oṣù Karùn-ún. Kóró tí ó so mọ́ ìdí èso náà ni àwọn oníṣòwò ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi ṣì máa ń wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rà á, tí wọn yóò sì ní láti sá a sí oòrùn kí wọ́n tó kó o pamọ́.

Ẹni tí ó ń ra kajú kì í rà á tán lẹ́ẹ̀kan. Ó lè ra àpò díẹ̀ ní abúlé kan lónìí, kí ó ra púpọ̀ ní abúlé mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, títí ẹrù rẹ̀ yóò fi tó ẹrù ọkọ̀ kan. Kí ẹrù náà tó pé, iye tí wọ́n ń ta kílò kan lè gbéra, ó sì lè wálẹ̀. Ìdí ni pé òkè òkun, pàápàá Íńdíà àti Fiẹtnámù, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú kajú Nàìjíríà ń lọ. Nítorí náà, iye owó rẹ̀ lókè òkun àti iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà sí dọ́là máa ń kan iye tí wọ́n ń rà á lóko.

Kì í ṣe gbogbo ohun ọ̀gbìn tí ó ń lọ sókè òkun ni ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1977 sí 1986, àjọ ìjọba kan wà tí ó ń bójú tó ọjà kòkó, kọfí àti tíì ní Nàìjíríà, ìjọba a sì máa kéde iye owó kan fún àsìkò ìkórè kọ̀ọ̀kan. Níbi tí iye owó bá ti jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kò sí àròpín kankan láti wá, nítorí iye tí wọ́n kéde náà ni àròpín. Ní ọdún 1986, ìjọba àpapọ̀ tú irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ ká nígbà Ètò Àtúntò Ọrọ̀ Ajé. Láti ìgbà náà, ìdúnàádúrà láàárín àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni ó ń sọ iye owó, ó sì di dandan kí oníṣòwò mọ ohun tí ẹrù rẹ̀ ná an fúnra rẹ̀.

## Bí a ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀

Bí a bá fi q dúró fún iye ẹyọ tí a rà nígbà kọ̀ọ̀kan, tí a fi p dúró fún iye owó ẹyọ kan nígbà náà, àròpín, A, fún ìrajà mẹ́ta yóò jẹ́:

A = (q1 × p1 + q2 × p2 + q3 × p3) ÷ (q1 + q2 + q3)

Ohun tí ó wà lókè ni gbogbo owó tí a san. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo ẹyọ tí a rà. Bí ìrajà bá pọ̀ ju mẹ́ta lọ, a ó máa fi kún òkè àti ìsàlẹ̀ bákan náà.

A lè wo àpẹẹrẹ oníṣòwò kan tí ó ra kajú ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní agbègbè Kàbà. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye owó tí ó wà nínú àtẹ yìí, kì í ṣe iye owó ọdún kan pàtó.

| Ìrajà | Kílò | Iye owó kílò kan | Owó tí ó san |
|---|---|---|---|
| Àkọ́kọ́ | 300 | ₦1,000 | ₦300,000 |
| Ìkejì | 500 | ₦1,200 | ₦600,000 |
| Ìkẹta | 1,200 | ₦1,500 | ₦1,800,000 |
| Àpapọ̀ | 2,000 | | ₦2,700,000 |

Nígbà tí a bá pín ₦2,700,000 sí kílò 2,000, a ó rí ₦1,350. Èyí ni àròpín iye owó ìrà kílò kan. Ó sún mọ́ ₦1,500 ju ₦1,000 lọ, nítorí pé ìrajà ìkẹta ni ó pọ̀ jù. Ìrajà tí ó bá tóbi ni ó ń fa àròpín sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

## Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Àṣìṣe tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á ro iye owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á sì pín in sí mẹ́ta. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ₦1,000, ₦1,200 àti ₦1,500 jẹ́ ₦3,700, bí a bá sì pín in sí mẹ́ta, ó jẹ́ ₦1,233.33. Ká ní oníṣòwò náà gbára lé èyí, tí ó sì ta gbogbo ẹrù náà ní ₦1,300 kílò kan. Yóò rò pé òun jèrè tí ó lé ní ₦66 lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ₦2,600,000 ni yóò gbà, ₦2,700,000 ni ó sì ná. Dípò èrè, ₦100,000 ni ó ti bọ́ kúrò nínú owó òwò rẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ pé àròpín kan tọ̀nà rọrùn. Kí a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹyọ tí a rà. Ó gbọ́dọ̀ dá gbogbo owó tí a san padà. ₦1,350 ní ọ̀nà 2,000 jẹ́ ₦2,700,000 gẹ́lẹ́. ₦1,233.33 ní ọ̀nà 2,000 kò ju nǹkan bíi ₦2,466,667 lọ, èyí tí ó fi hàn pé ó lé ní ₦233,000 tí kò sí nínú ìṣirò náà. Bí iye owó bá ń lọ sókè, tí ẹni náà sì ń rà sí i bí ó ṣe ń lọ sókè, irú àròpín lásán báyìí yóò máa kéré ju ohun tí ó ná lọ.

Ìgbà kan ṣoṣo ni a lè fọkàn tán pípín iye owó lásán: ìgbà tí iye ẹyọ tí a rà bá dọ́gba ní gbogbo ìgbà. Kò tó kí owó tí a ná dọ́gba. Bí oníṣòwò náà bá ná ₦300,000 ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, yóò rí kílò 300 nígbà àkọ́kọ́, kílò 250 nígbà kejì, àti kílò 200 nígbà kẹta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦900,000 fún kílò 750, àròpín rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,200. Èyí kéré ju ₦1,233.33 lọ, nítorí pé iye owó kan náà ń ra ọjà púpọ̀ nígbà tí ọjà pọ́ọ́kú, ó sì ń ra díẹ̀ nígbà tí ó wọ́n.

Àṣìṣe mìíràn ń wá láti inú ohun tí a fi wọn ọjà. Bí wọ́n bá fi kóńgò ra ìkan, tí wọ́n fi àpò ra èkejì, tí wọ́n sì fi kílò ra ẹ̀kẹta, a kò lè rò wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Àpò kan lè kún ju èkejì lọ, kóńgò tí wọ́n kó jọ gègèrè sì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fọwọ́ gé ojú rẹ̀. Kí a gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n kan náà ni a ó kọ́kọ́ ṣe, kí a tó rò ó pọ̀.

## Owó ọkọ̀ àti omi tí ó gbẹ

Owó tí a san fún àgbẹ̀ nìkan kọ́ ni ọjà ná ni. Owó ọkọ̀ tí ó kó o wá láti abúlé, owó àwọn tí ó rù ú, àti owó orí tí kì í padà wá sọ́wọ́ ẹni, gbogbo wọn wà lára iye owó ìrà. Bí oníṣòwò inú àpẹẹrẹ wa bá ná ₦100,000 lórí ọkọ̀ àti ẹrù rírù, gbogbo ohun tí ó ná di ₦2,800,000, àròpín sì di ₦1,400 fún kílò kan. Owó tí yóò ná láti ta ọjà náà kò sí lára rẹ̀. Inú ìnáwó títà ni a ń kọ ọ́ sí.

Ọ̀ràn omi ni ó sábà máa ń ya ẹni tí ó jẹ́ tuntun nínú òwò kajú lẹ́nu. Bí wọ́n bá sá kajú, ìwọ̀n rẹ̀ yóò dínkù, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ti san kò ní dínkù. Ká ní kílò 2,000 náà fúyẹ́ ní ìdá 8 nínú 100 lẹ́yìn tí ó gbẹ, kílò 1,840 ni yóò kù. Owó tí a ó pín sì jẹ́ ₦2,800,000. Àròpín kílò gbígbẹ kan wá jẹ́ nǹkan bíi ₦1,522. Bí ẹni náà bá fi ₦1,400 sọ́kàn, tí ó sì gbà láti tà ní ₦1,450, ₦2,668,000 ni yóò gbà, yóò sì pàdánù ₦132,000. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a pín owó sí iye kílò tí a ní láti tà, kì í ṣe iye kílò tí a kọ́kọ́ gbé sórí ìwọ̀n.

Àdánù tí ó jẹ́ ti ìwà ọjà ni èyí, gbogbo ẹni tí ó ń ra kajú tútù ni ó sì ń retí rẹ̀. Àdánù tí a kò retí yàtọ̀. Bí olè bá kó kílò 100 nínú kílò 1,840 náà, a kò ní tún owó náà pín sí kílò 1,740 tí ó kù. Kílò kọ̀ọ̀kan tí ó kù ṣì jẹ́ nǹkan bíi ₦1,522, a ó sì kọ nǹkan bíi ₦152,000 sílẹ̀ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí òfò. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ àròpín, yóò dà bí ẹni pé ọjà ni ó wọ́n, nígbà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ni a kò tì.

## Nígbà tí títà bá bọ́ sí àárín rírà

Títí di ibí yìí, ó dà bí ẹni pé oníṣòwò náà ra gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó tà. Lójú ọjà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Kí a fi owó ọkọ̀ àti gbígbẹ sílẹ̀ ná, kí a padà sí àtẹ náà, kí a sì sọ pé ó ta kílò 400 lẹ́yìn ìrajà kejì. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà wá àròpín rẹ̀.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni àròpín tí ń yí padà, níbi tí a ti ń tún ìṣirò ṣe ní gbogbo ìgbà tí ọjà tuntun bá wọlé. Lẹ́yìn ìrajà kejì, kílò 800 ni ó wà nílẹ̀, ₦900,000 ni ó ná, àròpín sì jẹ́ ₦1,125. Kílò 400 tí ó tà ná an ní ₦450,000. Kílò 400 tí ó kù náà jẹ́ ₦450,000, àròpín sì dúró sórí ₦1,125. Títà kì í yí àròpín padà. Rírà ni ó ń yí i padà. Nígbà tí ìrajà kẹta dé, kílò di 1,600, owó di ₦2,250,000, àròpín sì di ₦1,406.25.

Níbí náà, àṣìṣe kan wà tí ó ń fi ara pamọ́. Ẹlòmíràn yóò mú àròpín àtijọ́, ₦1,125, yóò rò ó pọ̀ mọ́ iye owó tuntun, ₦1,500, yóò sì pín in sí méjì. ₦1,312.50 ni yóò rí. Ó ti gbàgbé pé kílò 400 ni ó ni iye àkọ́kọ́, nígbà tí kílò 1,200 ni ó ni ìkejì.

Ọ̀nà kejì ni àròpín àsìkò. A ó dúró títí ìparí oṣù tàbí ìparí ìkórè, a ó sì lo àròpín kan ṣoṣo, ₦1,350, fún gbogbo rẹ̀. Kílò 400 tí ó tà yóò jẹ́ ₦540,000, kílò 1,600 tí ó kù yóò sì jẹ́ ₦2,160,000. Bí a bá ro èyí tí a tà àti èyí tí ó kù pọ̀, ₦2,700,000 náà ni ọ̀nà méjèèjì ń fún wa. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí a ṣe pín owó náà láàárín wọn, ìyàtọ̀ náà sì jẹ́ ₦90,000. Ẹni tí ó ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀ lójoojúmọ́ lè lo ọ̀nà kìn-ín-ní. Ẹni tí ó jẹ́ pé ìparí oṣù ni ó ń ka ọjà rẹ̀ kò ní ju ọ̀nà kejì lọ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fò láti orí ọ̀kan sí èkejì, nítorí èrè oṣù kan kò ní ṣeé fi wé ti oṣù mìíràn mọ́.

## Nínú ìlànà ìṣirò owó

Ìlànà àgbáyé tí ó dá lórí ọjà tí ó wà nílẹ̀ ni IAS 2. Fún ọjà tí ẹyọ kan kò yàtọ̀ sí èkejì, ó fàyè gba àròpín, ó sì fàyè gba ìlànà kejì tí a lè pè ní àkọ́wọlé ni àkọ́jáde, níbi tí a ti ń kà á sí pé ọjà tí a kọ́kọ́ rà ni a kọ́kọ́ tà. Bí a bá lo ìlànà kejì yìí nínú àpẹẹrẹ wa, kílò 300 láti inú ìrajà àkọ́kọ́ àti kílò 100 láti inú ìkejì ni a ó ka kílò 400 tí a tà sí, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦420,000. IAS 2 gbà pé kí a wá àròpín ní àsìkò kan sí òmíràn, tàbí ní gbogbo ìgbà tí ọjà tuntun bá wọlé.

Ìlànà kẹta wà tí ó ń ka ọjà tí ó wọlé kẹ́yìn sí èyí tí ó kọ́kọ́ jáde. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí IAS 2 ní ọdún 2003, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2005, ti fagi lé e, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì fàyè gbà á ní Amẹ́ríkà. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìpín ìdókòwò wọn wà lórí pákó ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn ìlànà àgbáyé ní ọdún 2012.

IAS 2 tún sọ pé ọjà tí ó wà nílẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ìwé ní iye tí ó ju ohun tí a lè rí gbà lórí rẹ̀ lọ. Bí iye owó kajú bá já sí ₦1,300 nígbà tí kílò 1,600 ṣì wà nílẹ̀ ní àròpín ₦1,406.25, ₦2,080,000 ni a ó kọ, kì í ṣe ₦2,250,000. A ó sì tún yọ owó tí títà rẹ̀ yóò náni kúrò.

## Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ohun tí àròpín mọ̀ ni ohun tí a ti ná. Kò mọ ohun tí a ó fi ra òmíràn. Bí oníṣòwò náà bá ta kílò 400 rẹ̀ ní ₦1,250, èrè ₦50,000 ni àròpín tí ń yí padà yóò fi hàn, ₦500,000 ni yóò sì wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá padà sóko, tí ó bá kílò kan ní ₦1,500, owó yẹn kò lè ra ju kílò 333 lọ. Èrè wà nínú ìwé, síbẹ̀ ẹrù rẹ̀ ti dínkù. Nítorí náà, àròpín ni ó ń sọ bóyá ó jèrè lórí ohun tí ó tà. Iye owó ọjà lọ́jọ́ náà ni ó ń sọ bóyá ó lè ra iye tí ó tà padà.

Bákan náà, ọjà tí ó jọra nìkan ni a lè wá àròpín kan fún. Kajú tí òjò ìparí àsìkò ti pa kì í dára tó èyí tí wọ́n kó nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ẹni tí yóò sì rà á yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dá iye owó lé e. Bí a bá da méjèèjì pọ̀ nínú ìṣirò kan, èyí tí ó dára yóò dà bí ẹni pé ó pọ́ọ́kú ju bí a ṣe rà á lọ, èyí tí kò dára yóò sì dà bí ẹni pé ó wọ́n. Irú wọn kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí ó ní ìwé àti àròpín tirẹ̀.